Nọ́ńbà Ojú Mítà Kọ́ Ni Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Wọn Iyọ̀ Inú Ilẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbin ata àti tòmátì létí òkun, láti Ìlàjẹ títí dé Àgbádárìgì, ohun kan náà là ń rí lọ́wọ́ yín ṣáá. Èèyàn á ra mítà EC tó ń fi bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó hàn, á ki í bọ omi ilẹ̀, á rí nọ́ńbà tó kéré, á ní ilẹ̀ òun ò níyọ̀, á lọ gbin ata, kò ní pẹ́ tí etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mítà ò parọ́ o, ẹ̀yin lẹ ò parí ìṣirò.

Ẹ bu ilẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá nínú oko, kó jìn tó 20 sẹ̀ntímítà, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a síbi ìbòji kó gbẹ, ẹ fọ́ ọ kẹ́ ẹ sì jọ̀ ọ́. Ẹ wọn 20 gíráàmù sínú ìgò tó mọ́, ẹ bu 100 mìlílítà omi lé e. Omi wo? Kì í ṣe omi kànga, tiyín ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀, píọ̀ wọ́tà náà ò dáa. Omi bátìrì ni kẹ́ ẹ rà (omi là ń sọ, kì í ṣe ásíìdì o!), kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ ki mítà bọ̀ ọ́: tó bá ti ju 20 µS/cm lọ, ẹ dà á nù.

Ẹ mi ìgò náà fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá ki mítà bọ omi tó tòrò lókè, ẹ má ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. EC lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n kẹ́ ẹ tó wọn pH, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, torí iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń jò jáde lára mítà pH.

Ìṣirò wá dà? Ká ní mítà gbé 250 µS/cm, ìyẹn 0.25 dS/m. Omi tẹ́ ẹ bù sí i ti la iyọ̀ náà gan-an ju bó ṣe wà nídìí gbòǹgbò lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ padà. Ilẹ̀ oníyanrìn tó lámọ̀ díẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́nà 14: ó di 3.5. Amọ̀ líle tó ṣeé yí bí òrùka láì já, lọ́nà 6 péré: 1.5. Nọ́ńbà kan náà lójú mítà, ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Èso ata sì ti ń dín kù tó bá ti kọjá 1.5, tòmátì 2.5, ẹ̀wà lè fara dà á dé bíi 4.9. Lórí ilẹ̀ 3.5 yẹn, ẹ gbin ẹ̀wà, ẹ fi ata sílẹ̀.

Tí pH bá ju 8.5 lọ, iyọ̀ sódíọ̀mù ló ń di ilẹ̀ náà pa, omi nìkan ò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Tó bá wá jẹ́ irà igi ẹ̀gbà lẹ bù, tí pH bọ́ sábẹ́ 4 lẹ́yìn tẹ́ ẹ sá a, imí ọjọ́ inú ẹ̀ ló ti di ásíìdì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìkan mọ́, tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́ gọ́tà láti fa omi ẹ̀ gbẹ ńṣe lá tún máa kan sí i.