Àtẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú ìwé méjì: bí mo ṣe kọ àlàyé owó ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ja kan

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹja inú yìnyín wọlé láti òkè òkun fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí mi. Èkó ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Àtẹ owó mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú fáìlì náà, ọ̀kan lójú ìwé kan, láìsí gbólóhùn àlàyé kan ṣoṣo láàárín wọn. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di àlàyé ojú ìwé méjì tí àwọn dírẹ́tọ̀ yóò kà kí wọ́n tó jókòó ìpàdé. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe oníṣirò, ohun tí wọ́n bá sì kà níbẹ̀ ni wọn yóò fi pinnu bóyá kí ilé iṣẹ́ yá owó kọ́ kóòdù rúùmù tuntun.

N kò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu àwọn àtẹ náà kò. Mo tẹ gbogbo àpapọ̀ sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kíá ni mo rí i pé àwọn àtẹ kan ń ka owó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, àwọn mìíràn ń kà á ní mílíọ̀nù. Àmì kékeré kan, ₦'000, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, nìkan ló fi ìyàtọ̀ hàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di mílíọ̀nù kí ojú mi má baà tàn mí jẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ti jáde. Àtẹ kẹrin sọ pé owó ọjà ọdún 2024 jẹ́ ₦2,250 mílíọ̀nù. Àtẹ kọkànlá, tó to owó ọjà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ní àpapọ̀ ₦2,310 mílíọ̀nù. Ọgọ́ta mílíọ̀nù géérégé ló fi lé. Ìyàtọ̀ tó bá gún régé báyìí, àṣìtẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹnì kan ti gbé nǹkan kan síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀ ni. Mo wá iye yẹn káàkiri títí mo fi bá a nínú àtẹ kọkàndínlógún: ₦60 mílíọ̀nù, èrè orí ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n tà ní Ìbàdàn.

Mo pe akáúńtáǹtì wọn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, 60 mílíọ̀nù tó wà lára owó ọjà Ìbàdàn, ṣé owó ẹja ni?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. "Áà. Rárá o. Owó ilé tí a tà ni. Àkáǹtì ẹ̀ka ló gbà wọlé, wọ́n wá kà á mọ́ ọjà. Màá tún un ṣe."

Bí àtẹ yẹn ṣe wà tẹ́lẹ̀, owó ọjà Ìbàdàn kúrò ní ₦300 mílíọ̀nù bọ́ sí ₦510 mílíọ̀nù, ìyẹn ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹ̀ka tó súnmọ́ ọn. Nígbà tí a yọ owó ilé kúrò, ó di ₦450 mílíọ̀nù, ìdá 50, bíi ti gbogbo ilé iṣẹ́ lápapọ̀ gan-an. Ká ní mo ti kọ àlàyé bí àwọn àtẹ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, ǹ bá ti yin Ìbàdàn, ẹnì kan ì bá sì ti dábàá pé kí wọ́n kọ́ kóòdù rúùmù tuntun síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni owó ọjà fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ₦1,500 mílíọ̀nù lọ́dún 2023, ó sì di ₦2,250 mílíọ̀nù lọ́dún 2024. Ẹni tó bá rí ìdá 50 yóò rò pé ọjà ń yá. Àmọ́ lẹ́yìn fáìlì náà, ní àtẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, àkọsílẹ̀ kílò wà. Ní ọdún 2023, wọ́n ta kílò 900,000. Ní ọdún 2024, wọ́n ta 750,000. Ẹja tí wọ́n tà dínkù ní nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi kílò pín owó, ohun tí wọ́n ń ta kílò kan ní nǹkan bí ₦1,667 ni wọ́n wá ń tà ní ₦3,000.

Mo fẹ́ kí àwọn dírẹ́tọ̀ mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú ₦750 mílíọ̀nù tó lé yẹn, torí náà mo pín in sí méjì. Kílò wà ní ìlà karùn-ún, iye owó kílò kan wà ní ìlà kẹfà, C jẹ́ ọdún 2023, D jẹ́ ọdún 2024:

```
=(D5-C5)*C6
=(D6-C6)*D5
```

Èyí àkọ́kọ́ sọ ohun tí ìyípadà kílò ṣe bí iye owó bá dúró sójú kan: ó mú ₦250 mílíọ̀nù lọ. Èkejì sọ ohun tí ìyípadà iye owó ṣe sórí kílò tí wọ́n tà lọ́dún 2024: ó mú ₦1,000 mílíọ̀nù wá. Gbólóhùn tí mo kọ nìyí: "Owó ọjà fi ₦750 mílíọ̀nù lé, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ẹja ló gbé e, ẹja tí a tà fúnra rẹ̀ dínkù fún ọdún kejì léraléra." Lóòótọ́, ní ọdún 2022, wọ́n ta mílíọ̀nù kan kílò.

Ohun tó fa kí kílò dínkù ni mo ṣọ́ra fún jù. Àwọn tó ń bójú tó ọjà ní àwọn oníbàárà kò lówó lọ́wọ́ mọ́, pé ẹni tó ń ra páálí mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ti ń ra mẹ́fà. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bèèrè ìwé kóòdù rúùmù, mo sì rí i pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ́dún 2024, kò sí páálí kótè kan nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Bí ẹja kò bá sí nílẹ̀, oníbàárà olówó náà yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀nà méjèèjì yìí yàtọ̀ gidi gan-an fún ẹni tó fẹ́ kọ́ kóòdù rúùmù. N kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ látinú àtẹ tí mo ní, torí náà n kò kọ "nítorí". Mo kọ pé nǹkan méjì ló ṣeé ṣe kó fà á, mo dárúkọ wọn, mo sì sọ pé kí wọ́n kó kílò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá kí a lè mọ̀.

Orí èrè ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó san owó orí, èrè ọdún 2022 jẹ́ ₦70 mílíọ̀nù, ọdún 2023 jẹ́ àdánù ₦15 mílíọ̀nù, ọdún 2024 jẹ́ èrè ₦110 mílíọ̀nù. Ọ̀gá àgbà wọn, màmá kan tó ti ń ta ẹja láti kékeré, pè mí fúnra wọn.

"Ọmọ mi, kọ ọ́ pé a ti bọ́ nínú àdánù. Kó o sì ṣàlàyé pé dọ́là ló kó bá wa lọ́dún 2023, kì í ṣe ẹ̀bi wa."

"Òótọ́ ni, Mà. Màá kọ ọ́. Àmọ́ tí a bá yọ ti dọ́là kúrò lára 2023, a ní láti yọ ti ilé Ìbàdàn kúrò lára 2024."

Ìdí nìyí. Ní ìparí ọdún 2022, wọ́n jẹ oníṣòwò ẹja kan lókè òkun ní dọ́là 200,000. Dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦461 nígbà náà lọ́jà ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí iye náírà máa lọ bí ọjà bá ṣe gbé e, nígbà tí ọdún fi máa parí, dọ́là kan ti di nǹkan bí ₦907. Gbèsè kan náà, láìra ẹja kan kún un, fi nǹkan bí ₦89 mílíọ̀nù wúwo sí i. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ọdún 2023 yóò jẹ́ èrè ₦74 mílíọ̀nù. Bí a bá sì yọ ₦60 mílíọ̀nù owó ilé kúrò lára ọdún 2024, yóò ku ₦50 mílíọ̀nù. Ìtàn tó ń sọ pé 70, àdánù 15, 110 wá di 70, 74, 50. Ẹja títà fúnra rẹ̀ ń mú èrè tó kéré sí i wá, lọ́dún tí owó ọjà lé jù.

Màmá dákẹ́. Wọ́n ní, "Kílò kan ti ń le láti jèrè. Mo mọ̀ ọ́n lára."

Mo tún fi ìkìlọ̀ kan sí i, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlà kejì yẹn ni òótọ́ pátápátá. Ilé ìkẹ́rù Ìbàdàn kò ṣeé tà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn yóò tún jẹ gbèsè dọ́là, nítorí òkè òkun ni ẹja ti ń wá. Àdánù dọ́là kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan fún irú òwò yìí. Mo fi ìlà méjèèjì síbẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo yọ àti ìdí tí mo fi yọ ọ́.

Ìlà tó kù díẹ̀ kí n gbójú fò ni owó àwìn. Ó jẹ́ ₦150 mílíọ̀nù ní ìparí ọdún 2023, ó di ₦370 mílíọ̀nù ní ìparí 2024. Bí a bá pín in sí owó ọjà ọjọ́ kan, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 37 tẹ́lẹ̀, ó sì ti di 60. Bọ̀dá Akáúńtáǹtì ní ọ̀rọ̀ ọdún Kérésì ni, gbogbo ènìyàn ló ń ràwìn ní oṣù Kejìlá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ oṣù Kejìlá ni iye méjèèjì ti wá, Kérésì kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín wọn. Mo kọ ọ́ pé àwìn ń pẹ́ níta, àti pé ₦90 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Gbólóhùn kan wà tí mo pa rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ti kọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ń rọlẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ìdá 34.80 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 sí 24.48 ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Iye méjèèjì jáde lóòótọ́ láti ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wọn ni wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò náà láti 2009 sí 2024, tí wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń wọn ọjà kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n méjì ni, a kò lè fi ọ̀kan yọ èkejì. Mo yọ ọ́ kúrò.

Àlàyé náà parí sí ojú ìwé méjì àti ìlà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìpàdé, màmá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: wọ́n ti sún ọ̀rọ̀ kóòdù rúùmù síwájú di ìpàdé tó ń bọ̀, kí n bá wọn ṣe àtẹ kílò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí mo bèèrè, bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta.