Ẹ wo oríta kí ẹ tó ní ààlà ti yí

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ti sún ààlà oko, ẹ ṣí Google Earth Pro lórí kọ̀ǹpútà, ètò tó ń fi àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà hàn. Ẹ fi Add Polygon fa ìlà yí oko náà ká lórí àwòrán tuntun, kí ẹ wá tẹ àmì aago òkè láti padà sí àwòrán àtijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ààlà inú àwòrán àtijọ́ bá fi mítà 6 yẹ̀ kúrò lórí ìlà tí ẹ fà, sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ má tíì pariwo. Àwòrán ọdún méjì kì í sábà jókòó síbi kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ wá ohun tí kò lè rìn nítòsí, bí oríta àtijọ́, kí ẹ fi àmì sí i. Tí òun náà bá yẹ̀ ní mítà 6 síhà kan náà, àwòrán ló sún. Tí oríta bá dúró síbẹ̀ tí ààlà nìkan yẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ilé, ìsàlẹ̀ ògiri ni kí ẹ wò. Òrùlé máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí sátẹ́láìtì bá yàwòrán láti ẹ̀gbẹ́, ilé gíga ló sì ń tanni jẹ jù. Àmọ́ tó bá di ẹjọ́, ẹ pe sọ̀fẹ́yọ̀.