Iye ìbẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ìròyìn láti ibòmíràn: àṣìṣe tó ń ba àtẹ ìbójútó jẹ́

Wọ́n gbé àtẹ ìbójútó iṣẹ́ ìlera aboyún kan fún mi yẹ̀ wò ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Atọ́ka àkọ́kọ́ ni ìpín aboyún nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìtọ́jú oyún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kéré tán. Inú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti ilé dé ilé ni wọ́n ti mú iye ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ́jísítà sẹ́ńtà ìlera ni wọ́n kọ sí orísun dátà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ìjábọ̀. Kò sí àyè kan tó ṣófo, síbẹ̀ àtẹ náà ò lè sọ òtítọ́.

Ẹ má ṣe mú iye ìbẹ̀rẹ̀ láti orísun kan, kí ẹ wá máa jábọ̀ láti òmíràn. Ìwádìí ilé-dé-ilé ń ka obìnrin tí kò tẹ ẹsẹ̀ sí sẹ́ńtà rí, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ilé ìjọ ló bímọ sí. Rẹ́jísítà ò mọ̀ ju ẹni tó gba káàdì lọ. Ìwádìí ọ̀hún, bíi ti 2013 àti 2018, ìpínlẹ̀ lódindi ló sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Ká sọ pé obìnrin 200 bímọ ládùúgbò kan lọ́dún. 120 gba káàdì. 80 yòókù ò dé ibi ìtọ́jú kankan. 90 ló pé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tí a bá kà á láti ilé dé ilé, 90 nínú 200 ni, ìyẹn 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá ṣí rẹ́jísítà, 90 nínú 120 ni, ìyẹn 75. Kò sí ohun tó yí padà nínú ayé obìnrin kankan, ìròyìn sì ti gòkè.

Èyí tó ń dùn mí jù ni òdìkejì rẹ̀. Ká ní àwọn tó ń kiri ilé mú 40 nínú àwọn 80 yẹn wá, ṣùgbọ́n oyún wọn ti pé oṣù méje, wọn ò sì rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí wọ́n tó bí. Rẹ́jísítà á di 90 nínú 160, nǹkan bíi 56. Iṣẹ́ dára, àmọ́ ìwé á ní ó bàjẹ́.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n lọ ka rẹ́jísítà kan náà fún oṣù 12 tó ṣáájú iṣẹ́, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fi pín in sínú àtẹ gan-an, kí wọ́n sì fi iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ṣe atọ́ka ọ̀tọ̀. Ìwádìí ìjọba lè ní ìlà tirẹ̀, ní ìgbà tí òmíràn bá jáde.

Nọ́ọ̀sì tó ṣí rẹ́jísítà fún wa tún fi bírò tọ́ka sí orúkọ kan: "Ẹ wò ó, sà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèyí gba káàdì. Ṣé ẹ máa ka ìyẹn náà mọ́ ẹni tí kò pé ẹ̀ẹ̀mẹrin?" Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, àwọn tí oṣù ìbímọ wọn ti kọjá láàárín oṣù mẹ́ta tí ìjábọ̀ wà fún nìkan ni a ń kà.