Ariwo nínú ilé: bí a ṣe ń kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù láìka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn

Ìbéèrè: Ẹni tó wà lókè mi kì í jẹ́ kí n sùn. Ṣé kí n kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù lónìí?

Ṣé ẹ ti lọ kí i? Ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ o, kì í ṣe aago méjì òru tí inú ń bí yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí nínú ilé tí mo ń bójú tó l'Ékòó ni kò tíì gbọ́ rí pé òun ń pariwo.

Ìbéèrè: Mo ti lọ, kò yí padà. Kí ni kí n kọ?

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sí onílé. Ẹ mú bírò àti ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọjọ́ méje kọ ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, bí ìró náà ṣe rí, yàrá tí ẹ ti gbọ́ ọ, àti bóyá iná wà nígbà náà. “Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń pariwo” ni gbogbo yín máa ń kọ ránṣẹ́, kò sì sí ohun tí onílé lè fi ìyẹn ṣe.

Ìbéèrè: Mo ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe fóònù fún. Ìró tó ń kùn nínú ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń ṣe é. Kí ló dé tí n kò fi ní dárúkọ rẹ̀?

Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà kan. Kí n tó di kíatékà, ayálégbé ni mí ní fulátì ìsàlẹ̀ nínú ilé yìí kan náà. Ìyá kan tó ń ta iyán fún àwọn awakọ̀ ní gáráàjì ló ń gbé lókè mi. Nígbà tó di pé ohun kan ń dún gbì! lórí wa ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, kí ni mo tún ń wá? Odó ni. Mo kọ lẹ́tà, mo dárúkọ Ìyá, mo dárúkọ odó, mo sì fi kún un pé wọn ò ní àánú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó mi ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kọ àkókò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Òru mẹ́rin ló dún nínú méje. Ojoojúmọ́ sì ni Ìyá ń tajà, àfi ọjọ́ Àìkú. Ìyẹn kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Mo wá rí i pé òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni NÉPÀ mú iná dé lóru. Mo tún kíyè sí i pé kí ó tó dún gbì, nǹkan kan á ti máa kùn fún bí ìdajì wákàtí, a ó wá gbọ́ gbì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́kẹ́ á pa. Ta ló ń gún iyán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ní ọjọ́ keje oṣù náà, Ìyá lọ síbi ìsìnkú nílùú wọn, ó ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn. Mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹjọ, gbì!

Mo dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yàrá wa lápá ẹ̀yìnkùlé. Ògiri náà ń kùn, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ nìyí: ìró tó bá ti wọnú kọnkéré máa ń rìn jìnnà, etí kò sì lè sọ ibi tó ti wọlé. Èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ìsàlẹ̀ pàápàá lè dún bí ẹni pé òkè ló wà.

Mo fa lẹ́tà àkọ́kọ́ ya, mo kọ èyí:

“Ẹ káàsán sà. Èmi ayálégbé fulátì ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 9 oṣù yìí ni mo ti ń gbọ́ ìró kan nínú yàrá tí a ń sùn, lára ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dún ní òru ọjọ́ 3 (aago 3:50), ọjọ́ 5 (aago 2:15), ọjọ́ 6 (aago 4:10) àti ọjọ́ 8 (aago 3:40). Á kùn fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà á dún gbì lẹ́ẹ̀kan. Iná wà ní gbogbo ìgbà tó dún. N kò mọ ibi tó ti ń wá. Ọmọ wa kì í lè sùn padà mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín tàbí kí ẹ rán ẹnì kan wá kí ọjọ́ 16 tó pé. Ẹ ṣé sà.”

Onílé mú púlọ́ńbà wá. Sọ́mò tó ń fa omi borehóòlù lọ sí táńkì orí òrùlé ni. Tí iná bá dé, á dìde fúnra rẹ̀; tí táńkì bá kún, á kú. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sísàlẹ̀ ti jẹ, nítorí náà bí sọ́mò bá ti kú, omi inú páìpù á já wálẹ̀ á sì gbá fáàfù náà mọ́lẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, gbì dópin, mo sùn lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, kíkùn náà tún bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ńbà ní kí n fara dà á, pé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn. N kò gbà. Ìgbà tó padà wá ló tó rí i pé irin ni wọ́n fi de páìpù náà mọ́ ògiri yàrá wa gírígírí, tí ògiri sì di awọ ìlù. Ó tú irin náà, ó ki rọ́bà táyà àtijọ́ sáàárín wọn, ó tún un dè wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ló parí sí. (Púlọ́ńbà ni kó tú u o. Ẹnì kan ti fi sùpánà tirẹ̀ sọ gbogbo ilé di aláìlómi fún ọjọ́ mẹ́ta rí.)

Ìyá kò mọ̀ títí dòní pé mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kọ “àwọn kan nínú ilé yìí” dípò orúkọ?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. “Àwọn kan” burú ju orúkọ lọ, torí olúkúlùkù ni yóò rò pé òun ni ẹ ń bá wí. Ẹ má sì fi òwe kọ ọ́, ẹ má jù ú sínú Wọ́sáàpù gbogbo ilé. Onílé nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ tàbí orin ńkọ́? Ìyẹn kò farasin.

Nǹkan náà ni kí ẹ kọ, ẹ fi ẹni tó ni ín sílẹ̀: “jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé wa máa ń ṣiṣẹ́ láti aago 10 alẹ́ di aago 5 ìdájí.” Kí ẹ wá béèrè ohun tí yóò kan gbogbo ilé, bíi kí wọ́n kó gbogbo jẹnẹrétọ̀ lọ sídìí ògiri ẹ̀yìn, tàbí kí gbogbo ẹ̀rọ orin relẹ̀ láti aago 10. Onílé lè fọwọ́ sí ìyẹn láìpe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bí èéfín bá ń wọlé, ẹ kọ ìyẹn ṣáájú ariwo, torí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìbéèrè: Onílé kà á, kò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ òmíràn sórí ìwé, ẹ tọ́ka sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Abala 6 nínú Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé láìsí ìdíwọ́ tó kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Bí kò bá tún dáhùn, ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì ìlàjà tí kì í gba kọ́bọ̀. Ìwé kékeré ọlọ́jọ́ méje yẹn ni kí ẹ mú dání lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè dá owó ilé dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe?

Rárá. Ọ̀rọ̀ gbèsè yín ni wọn yóò máa sọ látìgbà náà lọ.