Ìlù tó jẹ krédíìtì mi tán: bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ ṣe bíìtì lófáì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe orin tí mò ń lò máa ń yọ krédíìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì. Orin méjì ló ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gba owó méjèèjì, ì báà dùn, ì báà má dùn. Krédíìtì tí mo rò pé yóò gbé mi dé ìparí oṣù, òru ọjọ́ kan ló tán.

Àbúrò mi obìnrin tó ń múra ìdánwò ló fà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá orin tí kò ní máa bá mi sọ̀rọ̀ bí mo bá ń kàwé." Lófáì ló wá sí mi lọ́kàn, orin jẹ́jẹ́ tí kì í sábà ní ohùn, tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ bí wọ́n bá ń kàwé. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì, ẹ ó rí i fúnra yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ nìyí:

```
lo-fi hip hop study beat, soft drums, chill, no vocals
```

Ìlù tó jáde lè jí òkú. Obìnrin kan tún ń kùn "ùúù" lábẹ́ rẹ̀. Ti obìnrin yẹn kò pẹ́ yanjú: ẹ má kọ "no vocals" rárá, torí pé bí ẹ bá ti dárúkọ ohùn, ẹ̀rọ lè mú un wá. Bọ́tìnì Instrumental ni kí ẹ tẹ̀.

Ìlù ló jẹ mí níyà. Mo kọ "very soft drums", mo tún kọ "extremely soft". Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ni pé ó dín gbogbo orin kù pátá, dùùrù àti ìlù lápapọ̀. Nígbà tí mo yí fólúùmù sókè, ìlù náà tún ń gbá mi létí bíi ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé "soft" ò sọ nǹkan kan fún un. "Hip hop" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lágbára jù ú lọ, bóyá torí pé ìlù líle ló pọ̀ jù nínú orin tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n fi ń lu ìlù àti bí wọ́n ṣe ń lù ú ló yẹ kéèyàn sọ. Mo yọ "hip hop" kúrò, mo kọ "brushed snare", ìyẹn ìlù tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbá dípò igi, àti "muffled kick", ìlù ńlá tí wọ́n ti ki aṣọ bọ̀ nínú. Ó rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo lóru.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Mo ní kó máa sáré ní 75 BPM, ìyẹn ìlù márùndínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ ńṣe lorin náà ń lé mi. Mo wo aago, mo sì ka ìró ìlù búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ní 75, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dún nínú ìlù mẹ́rin, nítorí náà kò yẹ kó ju nǹkan bíi 38 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tèmi ń lọ sí 75, ìyẹn ni pé ìlọ́po méjì ni ẹ̀rọ ń sá. Nígbà tí mo sọ bí hi-hat, páànù tó ń ṣe "tsì tsì", yóò ṣe máa dún, tí mo sì fi "laid-back swing" kún un, ó wálẹ̀. J Dilla, ọmọ Detroit tó ń ṣe bíìtì hip hop, tó kú ní 2006, lògá bẹ́ẹ̀: ìlù rẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kì í bọ́ sójú ìlà gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ mi kì í gba orúkọ olórin, àpèjúwe nìkan ló ń gbà.

"Sparse melody", ìyẹn orin tí ìró rẹ̀ kò pọ̀, náà ò ṣiṣẹ́ fún mi, ńṣe ni dùùrù ń sọ̀rọ̀ láìmí. Mo sọ iye ìró tí mo fẹ́, mo sì sọ pé kó máa sinmi láàárín wọn. Ní ti ariwo àwo àtijọ́, "vinyl crackle" ta pàrà-pàrà bí òróró àkàrà. "Faint tape hiss", ariwo téèpù fẹ́ẹ́rẹ́, ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo kọ níkẹyìn nìyí, dùùrù oníná ni Rhodes inú rẹ̀:

```
75 BPM, laid-back swing, brushed snare, muffled kick,
eighth-note closed hi-hat low in the mix,
Rhodes three-note motif with long rests,
warm bass, faint tape hiss
```

Ó kù díẹ̀: orin náà dákẹ́ lójijì níparí, àbúrò mi sì fẹ́ èyí tí yóò máa yí. Mo gé e ní Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ohùn. Ní 75 BPM, báà 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlù mẹ́rin, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 51.2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sábà pa ìyára mọ́ gẹ́lẹ́, nítorí náà orí ìlù ńlá ni kí ẹ ti gé e, ẹ má tẹ̀ lé aago. Àbúrò mi ti ń kàwé sí i. Ó ní òun fẹ́ òmíràn tó ní gìtá. Mo ní kó kọ́kọ́ ra krédíìtì.