Láktóòsì, àwọ̀ àti gúlútẹ́ẹ̀nì nínú fọ́tò páálí oògùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti fi fọ́tò páálí ránṣẹ́ láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé láktóòsì, ṣúgà inú mílíìkì, wà nínú rẹ̀?

Iwájú páálí lẹ yà. Orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tú ìwé pélébé inú rẹ̀, kí ẹ ya ojú méjèèjì. Ẹ ṣe é nítòsí fèrèsé, ẹ pa fúláàṣì, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń kọ mànà lára páálí dídán, ibi tí a fẹ́ kà gan-an ló sì máa ń bò. Lórí WhatsApp, "Document" ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, yóò fún un kéré, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kò sì ní ṣeé kà mọ́.

Kẹ́mísí kan ní Nyanya ló gé mẹ́rin fún mi lára káàdì. Kò sí páálí.

Ẹ padà lọ, kí ẹ ya páálí tí wọ́n ti mú un jáde. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti bá apá káàdì tó kù lọ. Láìsí orúkọ yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà fún yín.

Oògùn yẹ́lò ló máa ń mú kí ara mi yún. Ṣé kí n kàn máa ra funfun?

Àwọ̀ tí ojú rí kọ́ ni ká wò, orúkọ àwọ̀ náà ni. Yẹ́lò kan lè jẹ́ ti irin, "E172", tí kì í sábà yọni lẹ́nu. Yẹ́lò mìíràn lè jẹ́ "Tartrazine", èyí tó ń mú kí ara àwọn kan yún tàbí kí ó lé. Wọ́n sì ń po èyí kan náà mọ́ búlúù láti fi ṣe gíríìnì, nítorí náà ó lè wà nínú èèpo kápúsù gíríìnì tí ẹ kò fura sí. Ó tún ń jẹ́ "E102", "FD&C Yellow No. 5" àti "CI 19140". Èyí tó sún mọ́ ọn jù, tó máa ń fa irú wàhálà kan náà, ni "Sunset Yellow", tí í ṣe "E110", "FD&C Yellow No. 6" tàbí "CI 15985". Nínú fọ́tò tó ṣú, "E102" àti "E162" jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ bíitirúùtù lásán ni èkejì. Bí nọ́ńbà àárín kò bá hàn, ẹ tún un yà, ẹ má fojú dá a.

Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ gúlútẹ́ẹ̀nì, purotéènì inú àlìkámà. Mo rí "starch" níbẹ̀.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. "Maize starch" ti àgbàdo ni, "potato starch" ti ànàmọ́ òyìnbó ni, àwọn méjèèjì kò ní gúlútẹ́ẹ̀nì. "Wheat starch" ni ti àlìkámà. Bí ó bá jẹ́ "starch" lásán, ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè dáhùn. Ẹ sì jọ̀ọ́, "glucose" kì í ṣe gúlútẹ́ẹ̀nì.

Mo ti wo ẹ̀yìn páálí dáadáa. "Excipients q.s." ni wọ́n kọ. Kò sí láktóòsì nìyẹn, àbí?

Ìbéèrè yìí ló ń sú mi jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń béèrè. Ohun tí "q.s." ń sọ ni pé wọ́n fi èròjà mìíràn kún un, títí ó fi tó ìwọ̀n. Kò sọ èròjà wo. Ẹni tó bi olóúnjẹ bóyá edé wà nínú ọbẹ̀, tí wọ́n ní "èlò ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀", kò tíì gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú setirisíìnì, tí gbogbo Àbújá ń rà nígbà ọyẹ́ tí imú bá ń ṣomi. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, ẹ lè rí i báyìí: "Cetirizine Hydrochloride BP 10 mg. Excipients q.s. Colour: Titanium Dioxide." Àwọn tó ń kà á máa ń rò pé àwọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n fi kún un. Rárá o. Wọ́n ya àwọ̀ sọ́tọ̀ dárúkọ ni, wọ́n sì kó gbogbo ìyókù sábẹ́ "q.s.". Oògùn tó jẹ́ mílígíráàmù 10 kéré ju ohun tí ìka lè mú lọ, èròjà ìkún ló ń sọ ọ́ di hóró tí a lè gbé mì, láktóòsì sì wà lára èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò jù. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti rí "q.s." lára oògùn oníhóró, mo gbà pé láktóòsì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi fi hàn mí pé kò sí.

Ìwé pélébé ni ibi tó kàn. Ẹ lọ sí apá ìparí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to èròjà sílẹ̀. Bí ìwé náà bá gùn, ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn "intolerance to some sugars" ní apá ìkìlọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, láktóòsì tàbí ṣúgà mìíràn wà nínú hóró náà. Ẹ má ṣe lo ìwé ilé iṣẹ́ mìíràn nítorí pé orúkọ oògùn jọra: setirisíìnì méjì lè ní èròjà ìkún tó yàtọ̀ pátápátá. Bí kò bá sí ìwé, àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ páálí. Ẹ fi orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Batch No." ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ béèrè bóyá láktóòsì wà, mílígíráàmù mélòó ló wà nínú hóró kan, àti inú kí ni wọ́n ti mú sítáàṣì wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dára fún mi?", wọn yóò kàn ní kí ẹ lọ rí dókítà.

Ká wá ní wọ́n dáhùn pé ó wà. Setirisíìnì tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù lábẹ́ orúkọ "Zyrtec" ní láktóòsì mílígíráàmù 66 àti díẹ̀ nínú hóró kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ kò gba láktóòsì ló lè gbé nǹkan bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan, bíi kọ́ọ̀pù mílíìkì kan. Ẹ ó gbé hóró tó lé ní 180 mì kí ẹ tó débẹ̀. Bí hóró kan péré bá ń wú inú yín, ó ṣeé ṣe kí oògùn náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, tàbí ohun tí ẹ jẹ sí i. Oògùn olómi kì í sábà ní láktóòsì, ṣùgbọ́n ẹ wo "sorbitol" lára rẹ̀, torí òun náà ń da inú rú. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni ẹni tó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó rí lára páálí. Ẹ máa lò ó lọ, kí ẹ ní kí apòògùn bá yín wá èyí tí kò ní in. Àwọn tí ara wọn kò lè lo gálátóòsì, ṣúgà tó ń jáde lára láktóòsì, láti ìgbà ìbí ni ìṣirò yìí kò kàn. Àwọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà.

Ti ọmọ mi yàtọ̀. Mílíìkì ni ara rẹ̀ kọ̀, ojú rẹ̀ máa ń wú. Ṣé ìṣirò yẹn bá a mu?

Kò bá a mu rárá. Purotéènì mílíìkì ni ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá jà, ìwọ̀n kíún sì tó. Nínú hóró tí a ń gbé mì, wọ́n ti fọ láktóòsì náà mọ́ débi pé wàhálà ṣọ̀wọ́n. Ibi tí ẹ̀rù wà ni oògùn ikọ́ fée tí a ń fi ẹnu fà sínú bíi lẹ́búlẹ́bú: láktóòsì ló ń gbé oògùn náà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ní purotéènì mílíìkì díẹ̀. Èyí tí a ń tẹ̀, tó ń tú yọ bíi kùrukùru, kì í sábà ní in. Ẹ má fi fọ́tò yanjú èyí. Ẹ gbé páálí fúnra rẹ̀ lọ bá dókítà tàbí apòògùn ilé ìwòsàn kí ọmọ tó lò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé ara rẹ̀ kọ mílíìkì. Bí ó bá ti lò ó, tí ojú tàbí ètè ń wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí àti ìwé rẹ̀ dání.