Ẹ má ṣe pọ́díkáàsì fún "gbogbo Yorùbá tó wà lókè òkun"

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Houston ni mo ń gbé, àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi gan-an ti ṣe é rí. Òun ni kéèyàn dìde kó ní òun fẹ́ ṣe pọ́díkáàsì fún gbogbo Yorùbá tó wà lókè òkun. Ta ni gbogbo Yorùbá? Bàbá tó ti wà níbí láti 1988 wà nínú ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa wà nínú ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbí tí kò gbọ́ ju "wá jẹun" lọ náà wà nínú ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ń wá kọ́ lẹnì kejì ń wá.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo sọ̀rọ̀ físà, ọ̀sẹ̀ kejì mo ṣe ìkọ́kọrẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà, ọ̀sẹ̀ kẹta mo bọ́ sórí báǹkì. Àwọn tó wá gbọ́ ìkọ́kọrẹ́ pọ̀ gan-an, inú mi dùn, àfi bó ṣe di ti báǹkì tí n ò rí ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Mo rò pé n ò polówó tó ni, mo tún ń polówó, kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ ò lè fi àròpọ̀ dáunlóòdù mọ̀ bóyá ètò yín làwọn èèyàn ń tẹ̀ lé o. Ẹ mú iye tó gbọ́ ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Tí iye yẹn bá ń fò sókè tó tún ń já wálẹ̀ bí àkòrí ṣe ń yí, a jẹ́ pé àkòrí làwọn èèyàn wá gbọ́, wọn ò wá torí ètò yín. Àmọ́ tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kódà kó jẹ́ ogójì èèyàn péré, ẹ ti ní ará ilé nìyẹn, ẹ má fi wọ́n ṣeré.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo mú ẹnì kan ṣoṣo sọ́kàn: ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, tó kúrò nílé ní kékeré, tó fẹ́ lọ sí Ojúde Ọba pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, àmọ́ tí ojú ń tì í láti béèrè ohun tí kò mọ̀. Nínú ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan láti ẹnu olùgbọ́ kan, àgbàlagbà kan nílé ló máa dáhùn ẹ̀, ó parí. "Ọdún tí wọ́n bí mi nìyí, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo ni tèmi?" Ẹ ò mọ iye èèyàn tí ìbéèrè yẹn ń jẹ lọ́kàn!

Kí n tó gba ohùn kankan sílẹ̀, mo ní kí n kọ ó kéré tán àkòrí méjìlá. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá dé ìkarùn-ún tẹ́ ẹ ti ń wá ọ̀rọ̀ òṣèlú àti bọ́ọ̀lù kún un, èrò yẹn ò tíì tó ṣe ètò, ẹ padà lọ rò ó. Tèmi dé mọ́kàndínlógún.

Ibòmíràn tó ti ń bàjẹ́ ni kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún, torí náà ẹni tó bá ní "oṣù June la máa ń bẹ̀rẹ̀" máa rí i lọ́jọ́ kan pé ọdún ti kọjá lọ. Látorí Iléyá ni mo ti ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì sáré lọ gbé òṣèré ńlá wá. Àwọn ẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e wá, wọ́n á sì bá a lọ. Ìkíni àti àdúrà oníṣẹ́jú mẹ́jọ níbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Tí ètò yín bá dúró lórí àgbàlagbà tó wà nílé bíi tèmi, ẹ rántí aago. Aago méje alẹ́ ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tibí, aago kan òru ni n'Íjẹ̀bú, ta lẹ fẹ́ jí? Àárọ̀ Sátidé tibí ni mo ń pè, wọ́n á ti jẹun ọ̀sán tán níbẹ̀. Ohùn orí ìpè náà sì máa ń já, ẹ má gbé ìyẹn síta. Ọmọ-ọmọ ìyá tí mo ń pè ló máa ń tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù míì, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, tá a bá parí á fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kò ní fi ṣe fọ́ìsì nóòtì, kí ohùn ìyá má bàa rí bíi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo.